Íńdómì àti ẹyin: bí o ṣe máa sè é nígbà tí ìwọ nìkan bá wà nílé

Àbúrò mi,

Mọ́mì ti pè mí. Wọ́n ní o ní o ti dàgbà, pé kò yẹ kí ebi máa pa ọmọ ọdún 13 títí wọ́n á fi ti ìsọ̀ dé láti Ọyìngbò. Òótọ́ lo sọ. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú láti Jíbówú dé Fádéyì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè lù kí wọ́n tó wọ Ṣómólú, búrẹ́dì gbígbẹ kì í sì í ṣe oúnjẹ ẹni tó ti ilé ìwé dé láti aago mẹ́ta. Mo bá ọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà, àmọ́ wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ. Òun nìyí. Kà á tán kí o tó fọwọ́ kan ìṣáná. Má gbé fóònù dání máa kà á, kí o máa fi ọwọ́ kejì ro ìkòkò.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń se íńdómì pọ̀ lọ jàra. Nínú yàrá tí mo wà ní Akọkà níbí, àwa mẹ́rin là ń gbé ibẹ̀, ọ̀nà márùn-ún la sì ń gbà sè é. Èyí tí mo fẹ́ kọ́ ọ kì í ṣe èyí tó dùn jù. Ohun tí mo fi yàn án ni pé ìkòkò kan ni, iná kan ni, kò sí òróró gbígbóná nínú ẹ̀, kò sì sí omi gbígbóná tí o máa dà nù. Ẹyin dídín ń bọ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ti ìgbà tí o bá dá wà, ó kéré tán fún ìgbà díẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ omi

O rántí àpá tó wà lórí ẹsẹ̀ mi òsì, èyí tí o máa ń sọ pé ó dà bí máàpù Áfíríkà? Íńdómì ló fà á. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà yẹn, ìwọ ṣì ń fà nílẹ̀. Mo bu omi kún ìkòkò títí dé ọrùn, nítorí mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ìrẹsì náà nìyẹn. Nígbà tí íńdómì jinná, omi ṣì pọ̀ nínú ẹ̀, mo bá fi àkísà di ìkòkò mú, mo fi ọmọrí dí ẹnu ẹ̀, mo gbé e lọ sí ẹnu gọ́tà ẹ̀yìnkùlé kí n lọ da omi náà nù. Àkísà yẹn tutù. N kò mọ̀ pé àkísà tó tutù kì í dá ooru dúró, ṣe ni omi inú ẹ̀ ń gbé ooru wọ ọwọ́ èèyàn. Bí mo ṣe tẹ ìkòkò báyìí, ó ta mí lọ́wọ́ fòò, ọmọrí yọ̀, gbogbo omi náà dà sórí ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú íńdómì tó lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sáré jáde. Wọ́n fọ́ ẹyin tútù méjì lé e lórí, ẹlòmíì ní kí wọ́n mú ọṣẹ ìfọyín wá, ẹnì kan tilẹ̀ ń wá ògì kiri. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó wẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́jọ́ kejì sọ fún Mọ́mì pé ẹyin tútù máa ń gbé kòkòrò àrùn wọ ojú egbò, pé ọṣẹ ìfọyín ń ta ara tó ti bó, kì í sì í tù ú. Omi ló yẹ kí wọ́n dà sí i, omi lásán tó tutù níwọ̀nba. Nítorí náà, bí omi gbígbóná tàbí iná bá kàn ọ́, má dúró wo ẹnikẹ́ni. Lọ sí ìdí ẹ̀rọ, tàbí kí o máa fi kọ́ọ̀bù bu omi inú garawa lé e lórí, fún ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ogún ìṣẹ́jú máa ń gùn lójú ẹni tí ara ń ta, ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ wo aago. Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tàbí aṣọ tó wà lójú ibẹ̀, àfi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara, èyí tó bá lẹ̀, fi í sílẹ̀. Má lo yìnyín. Tó bá lé omi, má bẹ́ ẹ. Tí ojú ibi tó jó bá ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ lọ, tàbí tó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí oríkèé ló kàn, ilé ìwòsàn ni, kó dà bí kó máa ta ọ́, kó dà bí kó má ta ọ́ mọ́.

Ohun tí mo ń sọ bọ̀ ni pé dída omi nù gan-an ló léwu jù nínú íńdómì sísè, kò sì pọn dandan. Tí omi bá ti wà ní ìwọ̀n, íńdómì máa mu ún, èyí tó bá kù á di ọbẹ̀. Ìwọ̀n wa rọrùn: píọ̀wọ́tà kan fún íńdómì kékeré méjì. Ìdajì lítà ni ọ̀rá píọ̀wọ́tà, íńdómì kékeré kan sì jẹ́ gíráàmù 70, wọ́n kọ ọ́ sára ọ̀rá ẹ̀. Tí Mọ́mì bá ra èyí tó tóbi, wo nọ́ńbà yẹn kí o fi ṣírò. Èyí tó bá jẹ́ gíráàmù 120 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kékeré méjì, omi kan náà ló máa gbà, dín díẹ̀ kù níbẹ̀.

Gbogbo nǹkan kí iná tó dé

Iná ni kó kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ jàǹbá inú kíṣìnì, nígbà tí èèyàn bá fi iná sílẹ̀ lọ wá nǹkan ló ń ṣẹlẹ̀: ó lọ wá iyọ̀, ó lọ bó àlùbọ́sà, fóònù dún ní yàrá. Tí gbogbo nǹkan bá ti wà nílẹ̀ kí o tó ṣáná, kò sí ibi tí o tún ń lọ.

Bọ́ aṣọ ilé ìwé. Wọ èyí tí apá ẹ̀ kúrú, kó má fẹ̀ jù. Má wọ sálúbàtà tó ń yọ̀, wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ ṣe o ti wo orí ẹsẹ̀ mi.

Fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Gbé íńdómì méjèèjì kalẹ̀, kí o já ọ̀rá wọn, kí o yọ èròjà inú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gé àlùbọ́sà kékeré kan. Bí o bá ń gé e, kọ́kọ́ là á sí méjì kí ojú tó tẹ́jú máa kọlẹ̀, àlùbọ́sà tó bá ń yí lórí pákó ló ń jẹ́ kí ọ̀bẹ yọ̀ lọ sí ìka. Ata rodo, ìdajì ti tó, fọ ọwọ́ rẹ lẹ́yìn ẹ̀ kí o tó nu ojú.

Ó wá ku ẹyin. Bu omi sínú abọ́ kan, fi ẹyin méjèèjì sí i. Èyí tó bá sùn sílẹ̀ dáa. Èyí tó bá dìde dúró ní ìdí abọ́ ti ń pẹ́, àmọ́ ó ṣì ṣeé jẹ tó bá jinná dáadáa. Èyí tó bá léfòó, sọ ọ́ nù. Ìdí ni pé èèpo ẹyin ní ihò wínníwínní tí ojú kò lè rí, omi inú ẹyin ń gba ibẹ̀ gbẹ lọ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé dípò ẹ̀. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Léyìí tí ẹyin Mọ́mì máa ń wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láìsí fíríìjì, má fo èyí.

Lẹ́yìn náà, fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú kọ́ọ̀bù kékeré kí o tó dà á pọ̀ sínú abọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹyin kejì ló bàjẹ́, ẹyin kan péré lo pàdánù. Ẹyin tó bàjẹ́, kò sí pé o ń ṣiyèméjì, imú á sọ fún ọ. Fi fọ́ọ̀kì po wọ́n pọ̀ títí pupa àti funfun á fi di ọ̀kan, kí o fi iyọ̀ tíntín kan sí i, tíntín gan-an, nítorí èròjà íńdómì ti ní iyọ̀ púpọ̀. Wàá tún fọ ọwọ́. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní salimonẹ́là lè wà lára èèpo ẹyin tàbí nínú ẹ̀. Iná ló ń pa á, kò sì sí iná lọ́wọ́ rẹ tí o bá fi ọwọ́ yẹn mú ṣíbí tí o máa fi jẹun.

Ṣé o ti rí i pé a kò tíì ṣáná? Fi àkísà gbígbẹ méjì, ọmọrí ìkòkò, ṣíbí onígi àti ìṣáná sí ibi tí ọwọ́ rẹ ti máa tó wọn. Lẹ́yìn náà, sọ fún Ìyá Ìbejì pé, "Ẹ̀yin mà, mo fẹ́ se íńdómì o." Má tijú. Wọn ò ní dá ọ lóhùn ju "Ó dáa, rọra o" lọ, àmọ́ etí wọn á wà lọ́dọ̀ rẹ.

Gáàsì

Sílíńdà wa jẹ́ kíló 6, ẹnu iná sì wà lórí ẹ̀ gan-an, kò ní rọ́bà. Ó ní ìwà tiẹ̀. Ó ga, ìdí ẹ̀ kò fẹ̀, bí ìkòkò bá tóbi lórí ẹ̀, ó máa ń fì. Nítorí náà, ìkòkò kékeré tí ìdí ẹ̀ tẹ́jú ni kí o lò, èyí tí Mọ́mì fi ń se ẹ̀kọ. Gbé sílíńdà sí ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba, kó súnmọ́ ògiri, kó jìnnà sí kọ́tìnì, kó má sì wà lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì ń sá gbà. Yí ọwọ́ ìkòkò sí apá ògiri, kí aṣọ ẹnikẹ́ni má baà kọ́ ọ.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí o sì gbóòórùn. Gáàsì fúnra ẹ̀ kì í rùn. Àwọn tó ń ṣe é ló ń fi nǹkan tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ sí i, kí èèyàn lè tètè mọ̀ tó bá ń jò. Ó tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, torí náà ilẹ̀ ló ń rìn gbà, bí omi tí kò láwọ̀. Bẹ̀rẹ̀ kí o gbóòórùn lẹ́bàá ilẹ̀, má kàn dúró gbóòórùn lókè.

Tí o bá gbóòórùn ẹ̀, oúnjẹ ti parí nìyẹn. Má ṣáná. Má tan iná nẹ́pà, èyí tó bá sì ti wà ní títàn, má pa á, nítorí ìtàpàrá kékeré tó wà nínú súíìṣì ti tó láti gbá a. Má tẹ fóònù níbẹ̀. Rí i dájú pé o ti yí orí sílíńdà pa, fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kí o jáde lọ bá Ìyá Ìbejì. Ẹ rántí pé kíṣìnì gbogbo wa ni, tí ẹnikẹ́ni bá ní sítóòfù tó ń jó níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó mọ̀. Nọ́ńbà tí ẹ máa pè ní Èkó ni 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni, ìta ni kí ẹ ti pè é.

Tí kò bá sí òórùn kankan, gbé ìkòkò tó ní omi píọ̀wọ́tà kan nínú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣáná ná. Gbé iná ìṣáná náà sún mọ́ ẹnu gáàsì láti ẹ̀gbẹ́, kí ojú rẹ jìnnà sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni kí o wá yí gáàsì díẹ̀. Ìṣáná kọ́kọ́, gáàsì tẹ̀lé e. Mo ti rí ẹni tó yí gáàsì sílẹ̀ kó tó rántí pé ìṣáná wà ní yàrá. Ó lọ mú un, ó padà dé, ó ṣá a, "bùùù!" Irun ojú ẹ̀ àti ti apá ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí ìṣáná bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́, kọ́kọ́ pa gáàsì kí o tó mú òmíràn, kí o sì ka ìṣẹ́jú mélòó kan kí atẹ́gùn gbé èyí tó ti jáde lọ.

Wo àwọ̀ iná náà. Búlúù ló yẹ kó jẹ́. Tó bá pọ́n, tó ń fi dúdú sí ìdí ìkòkò, ẹnu iná ti dọ̀tí, sọ fún Mọ́mì kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ìyẹn kò ní dá oúnjẹ tòní dúró.

Ó ti tó àkókò

Gbé ìkòkò lé iná, dé e. Omi píọ̀wọ́tà kan kì í pẹ́ hó. Tí o bá ti ń gbọ́ kùkù-kùkù, má fi ojú sókè ìkòkò ṣí i. Fi àkísà gbígbẹ mú ọmọrí, gbé ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ọ sókè kí oru kọ́kọ́ gba ọ̀hún jáde. Oru yẹn ń jó bí omi náà gan-an.

Da àlùbọ́sà àti ata sí i, jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan, kó fi òórùn síta. Rọra fi íńdómì méjèèjì sínú ẹ̀, má jù ú láti òkè, omi tó bá ta sí ọ lọ́wọ́ kò ní tù ọ́. Èmi kì í fọ́ ọ, àmọ́ bí ìkòkò bá kéré, fọ́ ọ sí méjì nínú ọ̀rá kí o tó ṣí i. Wo aago. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, yí i padà, kí o fi fọ́ọ̀kì tú u. Da èròjà sí i: tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọ̀kan kí o tó dà èkejì, bó ṣe máa ń rí fún mi ni pé ọ̀kan àti ààbọ̀ ti tó fún méjì.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí o má kúrò níwájú ìkòkò o. Íńdómì máa ń rú fófòó, pàápàá tí a bá dé e. Tí fófòó yẹn bá kún jáde, ó máa ṣàn sórí iná, iná á kú, àmọ́ gáàsì kò kú. Á máa tú jáde láìsí iná, tí ẹni tó wà ní yàrá kò ní mọ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé wàá gbọ́ "ṣíííí" níbi tí o kò ti rí búlúù kankan. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn náà. Má sáré ṣáná padà. Yí gáàsì pa, ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, dúró síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, padà wá gbóòórùn lẹ́bàá ilẹ̀, kí o tó tún un tàn. Kí ó má baà ṣẹlẹ̀ rárá, yọ ọmọrí kúrò tí íńdómì bá ti wọ inú ẹ̀, kí o sì dín iná kù.

Tí wọ́n bá mú iná nẹ́pà lọ ní àárín ìsè, ohun àkọ́kọ́ tí o máa ṣe ni kí o pa gáàsì, kì í ṣe kí o lọ wá tọ́ọ̀ṣì. Iná gáàsì á mọ́lẹ̀ tó láti rí ibi tí o ti máa pa á. Lẹ́yìn náà, wá tọ́ọ̀ṣì, gbé e sórí sílábù, kí o tún tan gáàsì padà. Má lo àbẹ́là.

Ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ìgbà tí o fi íńdómì sí i, omi á ti dín kù gan-an, á ku èyí tó ń hó pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ láàárín íńdómì, bí ọbẹ̀ tó fúyẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹyin kàn. Dín iná kù pátápátá. Rọra da ẹyin náà yí ká, láti etí ìkòkò wọ àárín, má dà á sójú kan. Má rò ó. Tí o bá rò ó lójú ẹsẹ̀, ọbẹ̀ á di funfun bí ògì, ẹyin á sì pòórá. Dé e, ka ìṣẹ́jú méjì. Ṣí i, ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún ná, kí o wá fi fọ́ọ̀kì yí íńdómì padà kí èyí tó wà lókè lọ sísàlẹ̀. Dé e fún ìṣẹ́jú kan sí i.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ẹyin ti jinná: fi fọ́ọ̀kì ya ibi tó nípọn jù sí méjì. Tí inú ẹ̀ bá ṣì ń dán, tó ń yọ̀ bí ikun, kò tíì jinná, fi ìṣẹ́jú kan kún un. Tó bá gbẹ, tó já wọ́yọ́wọ́yọ́ bí àkàrà tútù, ó ti tó. Ní ilé oúnjẹ àwọn kan, wọ́n ń jẹ ẹyin tó rọ̀ nínú. Ẹyin tó ti jókòó lóòrùn Èkó fún ọjọ́ mẹ́rin lórí kọ́bọ́ọ̀dù wa kọ́ nìyẹn.

Tí íńdómì bá ti ń gbẹ lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò kí ẹyin tó jinná, da omi ṣíbí mẹ́ta sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí o dé e. Má fi iná tó pọ̀ lé e kó yá. Iná púpọ̀ á jó ìsàlẹ̀, ẹyin òkè á ṣì tutù.

Pa gáàsì kí o tó gbé ìkòkò kúrò lórí ẹ̀. Yí i títí kò fi lọ mọ́, má fi agbára fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ kí ìkòkò sinmi níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, kí o wá fi ṣíbí bù ú sínú abọ́ ní ibi tí ìkòkò wà. Má gbé ìkòkò gbígbóná rìn kọjá kọ́rídọ̀, kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn ìbejì yẹn máa ń yọ láti ibi tí èèyàn kò lérò.

Iye tí o máa jẹ ni kí o sè. Íńdómì tó ní ẹyin, tó bá kù láìsí fíríìjì, má jẹ ẹ́ lówùúrọ̀. Wákàtí méjì ti pọ̀ jù fún un nínú ooru wa.

Ẹyin dídín

Mo mọ̀ pé èyí lo ń dúró dè. Ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, Mọ́mì tàbí èmi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òróró yàtọ̀ sí omi: omi kì í gbóná ju ibi tó ti ń hó lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Òróró kò mọ̀ pé ó tó. Á máa gbóná lọ, á máa gbóná lọ, títí á fi yọ èéfín, tí o bá tún fi í sílẹ̀, á gbiná fúnra ẹ̀.

Nu páànù náà gbẹ, kó má ku omi kankan nínú ẹ̀. Òróró ṣíbí ìjẹun kan ti tó fún ẹyin méjì. Iná ìwọ̀nba. Tí o bá fẹ́ mọ̀ pé òróró ti gbóná, má ta omi sí i o, ìyẹn ló ń ta bí ìbọn. Fi ègé àlùbọ́sà kan sí i. Tó bá ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí ká ẹ̀, ó ti tó. Tó bá yọ èéfín, pa iná, dúró. Da ẹyin pípò náà láti ìtòsí ojú páànù, má dà á láti òkè, kí o jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ẹ̀ dì kí o tó yí i.

Tó bá gbiná, mo mọ̀ pé garawa omi ló máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn. Má dà á sí i láéláé. Omi wúwo ju òróró lọ, á rì sábẹ́ ẹ̀, á di oru lójú ẹsẹ̀, oru yẹn á sì ju òróró tó ń jó náà sókè dé òrùlé. Má gbé páànù náà sá jáde, bí o ṣe ń sáré ló máa dà sí ọ lára. Pa gáàsì bí ọwọ́ rẹ bá tó o láìgba orí iná. Gbá ọmọrí tó tóbi ju páànù lọ sórí ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn, kí o sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí páànù á fi tutù pátápátá. Tí o bá ṣí i wò, afẹ́fẹ́ á wọlé, iná á tún jí. Tí ọmọrí kò bá sí nítòsí, tàbí iná ti jù ọ́ lọ, jáde, pariwo, kí ẹ pe 767. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọrí wà lẹ́bàá ọwọ́ rẹ kí o tó ṣáná, tí o bá tiẹ̀ ń se èyí tí kò ní òróró.

Mo ra íńdómì mẹ́fà sílẹ̀ kí n tó lọ, wọ́n wà lẹ́yìn garawa ìrẹsì. Ẹyin mẹ́rin ló kù nígbà tí mo wò ó ní ọjọ́ Àìkú, kọ́kọ́ lo àwọn yẹn kí o tó kan ti tuntun. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dá sè é, tí o ti jẹun tán, ya fọ́tò orí sílíńdà ní pípa ránṣẹ́ sí mi. Ti abọ́ náà lè tẹ̀lé e.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.